Àkámọ́, Kọ́mà àti Òdì: Kíkọ Iye Náírà ní Ọ̀nà Kan Náà Nínú Àwọn Ṣáàtì Ìròyìn Owó

Nínú ìwé àkáǹtì tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ń tẹ̀ jáde ní Nàìjíríà, àmì kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Àmì náà ni àkámọ́. Bí aṣírò owó bá kọ (40,000), ó lè túmọ̀ sí pé kí òǹkàwé yọ ọ̀kẹ́ méjì náírà kúrò nínú iye tí ó wà lókè rẹ̀. Ó lè túmọ̀ sí pé ohun tí ó ṣẹ́ kù fi ọ̀kẹ́ méjì náírà kéré sí òdo. Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé iye ọdún yìí fi ọ̀kẹ́ méjì náírà dín sí ti èṣí. Nínú àtẹ, ibi tí iye náà dúró sí ni ó ń fi èyí tí ó jẹ́ hàn fún ẹni tí ó mọ ìwé àkáǹtì kà. Nínú ṣáàtì, ibi ìdúró yẹn ti sọnù. Ọ̀pá àti nọ́ńbà nìkan ni ó kù. Nítorí náà, ìbéèrè bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kọ iye náírà sára ṣáàtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé lásán. Ó kan ohun tí olùkọ́ yóò fi kọ́ni, ó sì kan ọ̀rọ̀ tí atúmọ̀ èdè yóò lò nígbà tí ó bá ń sọ àkámọ́ di Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ náà, ṣáàtì, ni wọn yóò máa lò níhìn-ín fún àwòrán tí ń fi iye hàn. Ọ̀pá ni ohun tí ó ń ga tàbí tí ó ń kúrú nínú rẹ̀ bí iye bá ṣe tó. Àwọn kan ìbá fẹ́ pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ‘ọlọ́pàá’, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn tí yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní ronú nípa ọkùnrin aláṣọ dúdú tí ó dúró ní oríta.

Ẹgbẹ́ kan ní Ṣàngó

Ṣàngó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Mọ́kọ́lá lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì súnmọ́ Pólì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè kó olùkọ́, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sínú ìpàdé kan, kí àwọn kan lára wọn mọ ìwé àkáǹtì kà, kí àwọn mìíràn má sì mọ̀ ọ́n. Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e yìí jẹ́ ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfinúrò ni ẹgbẹ́ náà àti iye owó rẹ̀, fún ìkọ́ni nìkan, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ kì í ṣe àfinúrò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣẹlẹ̀.

| Ọdún | Owó tí ó wọlé (₦) | Ìnáwó (₦) | Àlékù tàbí àìtó (₦) |
|---|---|---|---|
| 2022 | 8,460,000 | (6,915,000) | 1,545,000 |
| 2023 | 7,980,000 | (9,225,000) | (1,245,000) |
| 2024 | 10,350,000 | (10,390,000) | (40,000) |

Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé àtẹ yìí sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ya ṣáàtì mẹ́ta láti inú rẹ̀. Èkíní fi owó tí ó wọlé àti ìnáwó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkejì fi àlékù tàbí àìtó ọdún kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ̀kẹta fi ìyàtọ̀ láàárín ọdún kan àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ hàn.

Nínú ṣáàtì kìn-ín-ní, àwọn ọ̀pá ìnáwó kò dìde. Ńṣe ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìlà òdo. Ìdí rẹ̀ ni pé Excel máa ń ka iye tí wọ́n bá tẹ̀ sínú àkámọ́ sí iye òdì: ẹni tí ó bá tẹ (6,915,000) ti tẹ -6,915,000. Ṣùgbọ́n àkámọ́ inú òpó ìnáwó kò sọ pé ìnáwó kéré sí òdo. Kò sí ẹni tí ó lè ná owó tí ó kéré sí òdo. Ohun tí àkámọ́ náà ń sọ ni pé, ‘yọ èyí kúrò.’ Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìnáwó ju owó tí ó wọlé lọ ní 2023 kò lè fi ojú wọn ọ̀pá méjì tí ọ̀kan kọjú sókè tí èkejì kọjú sísàlẹ̀. Ní 2024, níbi tí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì náírà péré, kò tilẹ̀ lè rí i rárá.

Ṣáàtì kejì gbé iye 2023 jáde báyìí: ₦-1,245,000. Ṣáàtì kẹta, tí wọ́n yà ní ọjọ́ mìíràn, kọ ti 2023 ní -2.8m. Nínú àtẹ, àkámọ́ ni. Nínú ṣáàtì kan, àmì ìyọkúrò wà láàárín àmì náírà àti nọ́ńbà. Nínú èkejì, kò sí àmì náírà rárá, lẹ́tà m ni ó sì dúró fún mílíọ̀nù. Òǹkàwé tí ó bá rí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé kan yóò rò pé ohun mẹ́ta ni wọ́n ń sọ, ó sì tọ̀nà bí ó bá rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìwé ni kí ìyàtọ̀ ìrísí fi ìyàtọ̀ ìtumọ̀ hàn.

‘Dín’ kì í ṣe òdì

Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìròyìn yìí sétí ọmọ ẹgbẹ́, ó yẹ kí àkámọ́ di ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ni ‘dín’: ‘àlékù wa dín ní ọ̀kẹ́ méjì.’ Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà fún 2024. Ohun tí etí Yorùbá gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé àlékù wà, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ sì ni pé kò sí àlékù rárá, pé ẹgbẹ́ ná ju owó tí ó wọlé lọ, àti pé, síbẹ̀, ipò ẹgbẹ́ dára ju ti 2023 lọ púpọ̀. Ẹni tí ó bá lọ sílé pẹ̀lú gbólóhùn àkọ́kọ́ yóò máa retí pé kí wọ́n pín àlékù fún òun.

Àléébù yìí ní gbòǹgbò nínú ètò ìkà Yorùbá fúnra rẹ̀. Nínú èdè yìí, ‘dín’ wà nínú ikùn àwọn nọ́ńbà tí kò ní òdì kankan nínú. Márùndínláàádọ́ta ni márùn-ún tí ó dín nínú àádọ́ta, ìyẹn 45, iye rere sì ni. Nínú 1,245,000 pàápàá, bí wọ́n bá kà á ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún ó lé ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta, ‘dín’ ti wọ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ bóyá ó wà lókè tàbí lábẹ́ òdo. Èdè tí ó ti fi ‘dín’ kọ́ nọ́ńbà rẹ̀ kò lè tún fi ‘dín’ nìkan sọ pé nọ́ńbà kan kéré sí òdo, kí òǹgbọ́ má sì dàrú.

Ó bọ́gbọ́n mu, nígbà náà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dípò àkámọ́ kan. Fún iye tí wọ́n ń yọ, ‘ìyọkúrò’ tó: ìnáwó jẹ́ ìyọkúrò kúrò nínú owó tí ó wọlé. Fún ìyàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, ‘fi … dín’ àti ‘fi … lé’ ni ó bá a mu, kí wọ́n sì máa dárúkọ ohun tí wọ́n fi wé nígbà gbogbo. Fún iye tí ó kéré sí òdo, ‘òdì’ ni ó yẹ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, bí i ‘òdì ogójì’. Nínú ìwé owó, ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó ti ní òdì nínú sàn ju òdì lásán lọ: ‘àìtó’ fún ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, ‘àdánù’ fún ilé-iṣẹ́ tí ń wá èrè. Bí wọ́n bá ti sọ pé ‘àìtó ọ̀kẹ́ méjì náírà’, kò sí àmì mìíràn tí ó kù láti kà. ‘Àìtó òdì ọ̀kẹ́ méjì’ yóò sọ ọ́ di àlékù padà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ̀ láti má lọ.

Láti inú èyí ni ìlànà ṣáàtì ti jáde: àkámọ́ lórí ṣáàtì gbọ́dọ̀ dúró fún iye tí ó kéré sí òdo nìkan. Ìyọkúrò kò gbọdọ̀ gba àkámọ́ lórí ṣáàtì. Kí ọ̀pá ìnáwó dìde bí ti owó tí ó wọlé, kí àwọ̀ àti orúkọ rẹ̀ sì sọ ohun tí ó jẹ́. Nínú ṣáàtì ìyàtọ̀, níbi tí iye òdì ti túmọ̀ sí ‘ó fi báyìí dín sí ti èṣí’, kí àkọlé sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Nínú àpẹẹrẹ Ṣàngó, ìyàtọ̀ 2023 sí 2022 jẹ́ (2,790,000), ti 2024 sí 2023 sì jẹ́ 1,205,000, rere. Ọ̀pá 2024 kọjú sókè nínú ṣáàtì kẹta, ó sì kọjú sísàlẹ̀ díẹ̀ nínú ṣáàtì kejì. Òtítọ́ ni méjèèjì. Àkọlé nìkan ni ó lè jẹ́ kí òǹkàwé gbà pé wọn kò ta ko ara wọn.

Àwọn kan fẹ́ràn àmì ìyọkúrò ju àkámọ́ lọ, pàápàá àwọn olùkọ́ ìṣirò, nítorí pé òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Ẹ̀rí wà fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àdàkọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ìlà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náírà tí òun náà ní ìlà méjì nínú máa ń tètè parẹ́. Àkámọ́ máa ń yọ. Ní ti àwọ̀ pupa, tí àwọn mìíràn fi ń dá iye òdì mọ̀, dúdú ni ó ń dà bí ẹ̀rọ àdàkọ bá ti fọwọ́ kàn án, nítorí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni yóò ru ìtumọ̀.

Ìwọ̀n, kọ́mà àti àmì náírà

Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1973, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan, iye tí ẹgbẹ́ kékeré ń kọ sínú ìwé rẹ̀ kì í gùn púpọ̀. Ogún náírà ni owó bébà tí ó tóbi jù ní 1977. Ẹgbẹ̀rún náírà jáde ní 2005. Bí iye ṣe ń gùn sí i ni kọ́mà tí ó ń pín ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ ń di dandan. Òǹkàwé kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá 10350000 jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún. Atúmọ̀ èdè ní ìdí kejì láti fẹ́ kọ́mà náà: òun ni ó ń sọ ibi tí ‘ẹgbẹ̀rún’ àti ‘mílíọ̀nù’, tí àwọn àgbà ń pè ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, yóò ti bọ́ sẹ́nu.

Lórí ìlà òòró ṣáàtì, iye gígùn máa ń gba àyè, nítorí náà wọ́n máa ń gé e kúrú sí ẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù. Iye tí ó kéré jù tí ó sì ní láárí ni ó yẹ kí ó pinnu ìwọ̀n yìí, kì í ṣe èyí tí ó tóbi jù. Bí ẹgbẹ́ Ṣàngó bá gé iye rẹ̀ sí mílíọ̀nù pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá kan, àìtó 2024 yóò di (0.0): òdo nínú àkámọ́, ohun tí kò ní ìtumọ̀ nínú ìṣirò kankan. Ohunkóhun tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ni yóò di bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lo ẹgbẹ̀rún, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́ 1,545, (1,245) àti (40), kò sì sí ohun tí ó sọnù. Níbi tí (0.0) bá ti fara hàn lórí ṣáàtì, ó dájú pé ìwọ̀n tí wọ́n yàn ti tóbi jù.

Ewu tí ó wà nínú gígé kúrú ni pé ìwọ̀n lè ṣubú lójú ọ̀nà. Àtẹ tí ó kọ ₦'000 sí orí òpó rẹ̀ yóò fi 1,245 hàn nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé nọ́ńbà náà sórí ṣáàtì tí ó sì fi àmì náírà ṣáájú rẹ̀ ti sọ mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ di ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí àmì náírà àti ìwọ̀n jùmọ̀ wà nínú àkọlé ìlà òòró, ‘Ẹgbẹ̀rún náírà (₦'000)’, kí orí ọ̀pá sì gbé nọ́ńbà nìkan. Ó tún gba ìwé lọ́wọ́ àléébù mìíràn: kì í ṣe gbogbo irú lẹ́tà ìtẹ̀wé ni ó ní ₦, níbi tí kò bá sì sí, àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn tí ó lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ mọ ìṣòro yẹn, wọ́n sì fi =N= yanjú rẹ̀. Ibi kan péré ni ó rọrùn láti yẹ̀ wò ju orí ogójì ọ̀pá lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Nínú Excel, ohun tí ó ń mú kí ṣáàtì yàtọ̀ síra ni pé ìlà òòró kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìkọ iye tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti àtẹ. Akọ̀wé Ṣàngó tún ti ṣáàtì kejì ṣe pẹ̀lú ọwọ́, ó fi ti ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára ni láti kọ ìlànà náà lẹ́ẹ̀kan sínú àtẹ tí gbogbo ṣáàtì ti ń mu omi:

```
#,##0,_);(#,##0,);0_)
```

Ìpín mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, àmì `;` ni ó sì pín wọn: ti rere, ti òdì, ti òdo. Kọ́mà àárín ń pín ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Kọ́mà tí ó kẹ́yìn nọ́ńbà ń fi ẹgbẹ̀rún pín iye náà lójú nìkan. Iye gan-an kò yí padà nínú àtẹ. Àmì `_)` ń fi àyè tí ó tó àkámọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn nọ́ńbà rere, kí ẹyọ rẹ̀ lè wà ní ìsàlẹ̀ ẹyọ nọ́ńbà òdì. Lẹ́yìn èyí, nínú `Format Axis`, lábẹ́ `Number`, kí wọ́n rí i pé àmì wà nínú `Linked to source`, kí wọ́n sì ṣe bákan náà nínú `Format Data Labels`. Láti ìgbà náà, ìlànà kan ṣoṣo ni ó ń ṣàkóso gbogbo wọn.

Nǹkan kan lè ba èyí jẹ́. Bí ẹnìkan bá tún yan `Thousands` nínú `Display units` ti ìlà òòró, wọn yóò fi ẹgbẹ̀rún pín iye lẹ́ẹ̀mejì, 1,245,000 yóò sì di 1. Ọ̀pá kò ní yí padà, nítorí náà ojú kò ní tètè rí i. Ọ̀nà ìyẹ̀wò tí ó dájú jù ni kí wọ́n mú iye òdì kan, fún àpẹẹrẹ àìtó 2023, kí wọ́n sì wá a láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ibikíbi tí ó bá ti jẹ yọ nínú ìrísí tí ó yàtọ̀ sí (1,245), ibẹ̀ ni okùn ti já. Kí wọ́n tún sún orúkọ àwọn ọdún lọ sísàlẹ̀ ṣáàtì, nípa yíyan `Low` nínú `Label Position`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ìlà òdo ni wọn yóò wà, ọ̀pá òdì yóò sì bò wọ́n.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún

Ṣáàtì kan wà tí ìlànà yìí kò lè gbà là, òun ni ti ìdàgbàsókè nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò rẹ̀ ni kí wọ́n yọ iye èṣí kúrò nínú ti ọdún yìí, kí wọ́n sì fi iye èṣí pín in. Fún Ṣàngó, láti 2023 sí 2024, 1,205 ni wọn yóò fi òdì 1,245 pín, èsì rẹ̀ sì jẹ́ òdì 96.8. Wọn yóò kọ ọ́ báyìí, (96.8%), ọ̀pá yóò sì já lulẹ̀, ní ọdún tí ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú àìtó rẹ̀. Iye òdì ìsàlẹ̀ ni ó yí àmì náà padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kékeré nìkan. Lẹ́yìn tí ètò pàṣípààrọ̀ náírà yí padà ní oṣù Okúdù 2023, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó jẹ gbèsè owó òkèèrè bọ́ sínú àdánù. MTN Nàìjíríà kéde àdánù ₦137.0 bílíọ̀nù lẹ́yìn owó orí fún 2023, àti ₦400.4 bílíọ̀nù fún 2024. Bí wọ́n bá ṣe ìṣirò kan náà lórí iye méjì wọ̀nyí, 192 rere ni yóò jáde, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà ti dàgbà ní ìlọ́po. Níbi tí iye ìsàlẹ̀ bá ti jẹ́ òdì tàbí òdo, kí wọ́n má ya ọ̀pá kankan. Kí wọ́n kọ ‘kò nítumọ̀’ sí àyè rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ náà hàn ní náírà.

Bí ìròyìn bá kọjá ibodè

Atúmọ̀ èdè tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yóò bá ìṣòro mìíràn pàdé. Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ìlànà ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń tẹ̀lé: àyè òfìfo ni ó ń pín ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, kọ́mà sì ni àmì ìdá mẹ́wàá. Ohun tí ará Ṣàngó kọ ní 1,245 yóò dàbí ẹyọ kan àti díẹ̀ lójú ẹni tí ó kàwé ní Àjàṣẹ́. 1 245 ni òun ìbá kọ. Excel fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀lé ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá wà lórí rẹ̀, nítorí náà fáìlì kan náà lè yí àmì rẹ̀ padà bí ó bá kọjá ibodè, ṣùgbọ́n ṣáàtì tí wọ́n ti sọ di àwòrán kò ní yí padà. Ìwé kan lè wá gbé àtẹ tí ó ti yí padà àti ṣáàtì tí kò yí padà sí ojú ewé kan náà. Ó yẹ kí wọ́n fi fáìlì gan-an ránṣẹ́ sí atúmọ̀ èdè dípò àwòrán, kí wọ́n sì kọ sí abẹ́ ṣáàtì kìn-ín-ní àmì tí ó ń pín ẹgbẹ̀rún, àmì ìdá mẹ́wàá, àti pé àkámọ́ túmọ̀ sí iye tí ó kéré sí òdo.